Bí a ṣe ń bá dókítà kọ ọ̀rọ̀ sórí Facebook, tí yóò sì dà bí òun gan-an

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Dókítà àwọn ọmọdé kan n'Íbàdàn ní kí n máa bá òun kọ ọ̀rọ̀ sójú ìwé òun lórí Facebook, lédè Yorùbá, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, torí pé òun kì í ráyè. Èló ni kí n pè é? Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀ pé èmi ni mò ń kọ ọ́. Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni pé mo kọ ẹyọ kan fún un wò, ó ní ó dára, àmọ́ kò dà bí òun.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti ní “kò dà bí èmi”, torí ibẹ̀ ni iye owó yín ti máa jáde, ibẹ̀ náà sì ni àṣírí ti lè tú. Mo fura pé ẹ jókòó sílé, ẹ ka nǹkan díẹ̀ nípa ìlera ọmọ, ẹ sì kọ ọ́ dáadáa. Irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ kì í ní olóhùn. Ohun tí dókítà mọ̀, dókítà mìíràn mọ̀ ọ́n. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ni ọ̀nà tó ń gbà sọ ọ́ nígbà tí kò rántí pé ẹnì kan ń gbọ́.

Nítorí náà, ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ogójì ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lóṣù tó. Ẹ gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má bi í pé, “Kí lẹ fẹ́ ká sọ nípa ìgbẹ́ gbuuru?” Bí ẹ bá bi í bẹ́ẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yín bí ẹni tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ bi í pé, “Ìyá tó gbé ọmọ onígbẹ́ gbuuru wá gbẹ̀yìn, kí ló kọ́kọ́ sọ? Kí lẹ dá a lóhùn? Kí ló bí yín nínú níbẹ̀?” Ìbínú àti ẹ̀rín ló máa ń yọ ohùn èèyàn síta. Lọ́jọ́ tí kò bá ráyè rárá, kó fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp nígbà tí awakọ̀ bá ń gbé e lọ sílé.

Ẹ wá ṣe àdàkọ ohùn náà bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ má tún nǹkan kan ṣe. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ohun tó wà lórí fóònù nìyí:

“Ìyá á dé, á ní, Dókítà, mo ti fún un ní ORS. Mo ní ẹ ṣeun, báwo lẹ ṣe pò ó? Ẹ wò ó, ó ní òun da ìdajì àpò sínú ife omi kan. Ìdajì! Ta ló ní ìdajì? Ẹ wò ó, ó ní òun fẹ́ tọ́jú ìdajì tó kù ni. Mi ò lè bá a jà, owó ló ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka ara àpò yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Omi tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni kí ẹ fi pò ó.”

Akọ̀wé tó ń sáré yóò sọ èyí di: “Ó ṣe pàtàkì kí àwọn òbí mọ̀ pé pípo ORS lọ́nà tí kò tọ́ lè pa ọmọ lára.” Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ rédíò èyíkéyìí ló lè sọ ọ́. Èmi á kọ ọ́ báyìí:

“Ìdajì! Ta ló ní ìdajì? Ìyá kan da ìdajì àpò ORS sínú ife omi, ó fẹ́ tọ́jú èyí tó kù. Mi ò bá a jà, owó ló ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka ara àpò yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Iye omi tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni kí ẹ fi po odindi rẹ̀. Bó bá ki jù, ó léwu fún ọmọ. Bó bá ṣàn jù, kò ní ṣiṣẹ́ tó yẹ.”

Ẹ wo ohun tí mo ṣe. Mo gbé ìdajì náà wá síwájú, torí pé ìlà díẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni Facebook máa ń fi han òǹkàwé lórí fóònù bí ọ̀rọ̀ bá gùn, kó tó ní kó tẹ nǹkan kí ó tó rí ìyókù. Mo yọ “ẹ wò ó” kúrò, torí ó dùn lẹ́nu, àmọ́ kò dùn lójú ìwé. Mo fi “ẹ jọ̀ọ́” sílẹ̀. Gbólóhùn méjì tó gbẹ̀yìn kò sí lórí fóònù: mo bi í léèrè kí n tó fi kún un. Mo sì tún fi ohun kan sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ó ní “omi tí wọ́n kọ síbẹ̀”, kò ní “líta kan”. Ọwọ́ á máa yún yín láti kọ líta kan kí ọ̀rọ̀ lè gún régé. Àpò ORS kò dọ́gba: èyí tí wọ́n ń pò sínú líta kan wà, èyí tó kéré sí i náà wà. Dókítà mọ ìdí tó fi fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ le ju bó ṣe sọ ọ́ lọ, nǹkan kan kò sì gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ó kọ “ó ti tọ́” ránṣẹ́ sí yín.

Lẹ́yìn àdàkọ méjì, ẹ ṣí ojú ìwé kan tí ẹ ó máa kọ ìṣesí ẹnu rẹ̀ sí: bó ṣe ń kí èèyàn, ọ̀rọ̀ tí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, èyí tí kò lè sọ láé. Ẹ ṣọ́ra fún òwe níbí. Ọwọ́ àwa tí a ń kọ Yorùbá kì í pẹ́ já òwe, àmọ́ bí kò bá pa òwe kan ṣoṣo fún odindi ogójì ìṣẹ́jú, tí òwe mẹ́ta wá wà nínú ohun tí ẹ kọ, àbúrò rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bi í pé ta ló bá a kọ ọ́. Kí ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ síta, ẹ ní kó kà á sókè sí yín létí. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, tàbí tó ti fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rọ́pò tiyín láìmọ̀, tirẹ̀ ni kí ẹ mú.

Ẹ ti rí ibi tí wákàtí ń lọ báyìí. Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ lóṣù: ìjókòó méjì, pẹ̀lú dídúró dè é, wákàtí méjì. Ṣíṣe àdàkọ, wákàtí mẹ́rin. Kíkọ, wákàtí kan àbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di méjìlá. Àtúnṣe, mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí mọ́kànlélógún. Bí ẹ bá fẹ́ kí ₦600,000 máa wọlé lóṣù, tí ẹ sì lè rí ọgọ́rùn-ún wákàtí tà (ìyókù á bá wíwá iṣẹ́ àti iná tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ), wákàtí kan jẹ́ ₦6,000. Ìṣirò di ₦126,000. Ẹ fi ₦14,000 kún un fún dátà àti epo jẹnẹrétọ̀, ó di ₦140,000. Ẹ fi iye tiyín rọ́pò tèmi, ọ̀nà ìṣirò náà ni mo fẹ́ kí ẹ mú.

Èmi máa ń fi díẹ̀ lé e nítorí àṣírí. Iṣẹ́ tí ẹ kò lè fi han oníbàárà tó ń bọ̀ ti gba ọjà ọ̀la lọ́wọ́ yín, kí ó san án. ₦160,000 lóṣù ni mo máa pè é. Ẹni tó bá dá ₦5,000 lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí pé “ìlà mẹ́wàá péré ni”, yóò gba ₦40,000 fún iṣẹ́ kan náà, wákàtí rẹ̀ kò sì ní tó ₦2,000. Bí dókítà bá ní ó wọ́n, ẹ dín iye ọ̀rọ̀ kù sí mẹ́rin àti ìjókòó kan, ẹ má dín owó wákàtí. Kó san owó oṣù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì wà nínú owó náà, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní owó tirẹ̀.

Nípa àṣírí, méjì ni, ọ̀pọ̀ akọ̀wé sì ń ronú kan ṣoṣo. Ti pé ẹ̀yin lẹ ń kọ ọ́ ni èyí tó kéré. Èyí tó tóbi ni ti àwọn aláìsàn tó wà lórí fóònù yín. Dókítà tó bá ń sọ̀rọ̀ fàlàlà á dárúkọ èèyàn, á dárúkọ àdúgbò. Abala 26 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn di ohun ìpamọ́. Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ, ẹ má kọ ọ́ sínú àdàkọ rárá. Ẹ pa ọjọ́ orí ọmọ dà, ẹ pa ọjọ́ dà, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá. Ìwọ̀n mi ni pé bí ìyá yẹn bá ka á, kò gbọdọ̀ lè dá ara rẹ̀ mọ̀.

Àṣírí tiyín máa ń tú láti ibi kékeré. Fáìlì Word lè gbé orúkọ yín sábẹ́ Author, akọ̀wé ọ́fíìsì rẹ̀ á sì rí i. Google Docs máa ń fi ẹni tó tẹ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan hàn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ lásán ránṣẹ́ nínú WhatsApp. Ẹ má jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa yìn ín ní gbogbo ìgbà. Ẹ má gba páswọ́ọ̀dù rẹ̀. Bó bá jẹ́ Page ló ní, ó lè fún yín láyè níbi Page access, orúkọ yín kò sì ní hàn sí òǹkàwé. Bó bá jẹ́ ojú ìwé tara rẹ̀ ni, kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e síta.

Ẹ kọ àdéhùn, ojú ewé kan tó. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀tọ́ sí ọ̀rọ̀ náà di tirẹ̀ bó bá ti sanwó, torí pé lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti ọdún 2022, owó nìkan kì í gbé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lọ bí kò bá sí ìwé. Ẹ kọ ohun tí ẹ lè sọ bí ẹnì kan bá bi yín: “Mi ò lè sọ ẹni tí mò ń bá ṣiṣẹ́” tó, ẹ má ṣèlérí pé ẹ ó purọ́.

Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ kò ní dáhùn ìbéèrè abẹ́ ọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀. Ìyá tó kọ ọ́ síbẹ̀ lóru pé “ọmọ mi ti bì lẹ́ẹ̀mẹ́fà” gbà pé dókítà lòun ń bá sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni bíbáni kọ̀wé parí sí lójú tèmi, iye yòówù kí ó fẹ́ fi kún un. Ẹ lè jọ kọ èsì kan ṣoṣo sílẹ̀, pé kí wọ́n gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn, kí ẹ sì pe dókítà lórí fóònù.

Ohun tó gbẹ̀yìn nínú ìwé náà ni ọjọ́ ìpínyà: láàárín ọjọ́ méje, ẹ ó pa gbogbo ohùn tó wà lórí fóònù yín rẹ́, pẹ̀lú àwọn ẹ̀dà tí fóònù ti fi pamọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, òun náà á sì yọ yín kúrò níbi Page access.