Bí ẹ ṣe lè sọ fún ọ̀gá pé ó di àárọ̀, láì yájú

Ìbéèrè: Ilé ìtẹ̀wé kan níbí ní Òṣogbo ni mo ti ń to ìwé lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá mi obìnrin máa ń pè mí láago 11 òru, wọ́n á tún fi iṣẹ́ mìíràn kún èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Kí ni mo lè kọ ránṣẹ́ tí wọn ò fi ní pè mí ní aláfojúdi?

Ìdáhùn: Ẹ má fi ọ̀rọ̀ méjèèjì sínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan. Ìpè òru ń fẹ́ èsì kúkúrú lálẹ́ yẹn, èyí tẹ́ ẹ máa kọ, tẹ́ ẹ ò ní fohùn ṣe:

“Ẹ kú alẹ́ ma. Mo rí ìpè yín. Màá pè yín láago 7 àárọ̀ ọ̀la. Bó bá jẹ́ ohun tí kò lè dúró, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ síbí, màá rí i.”

Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun kan ló sọ sí ọ̀gá lọ́kàn tí wọn ò fẹ́ gbàgbé. Tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sùn. Ṣùgbọ́n aago 7 tí ẹ dá, ẹ pè. Tí ẹ ò bá pè, ìpè òru á tún bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì jẹ̀bi.

Àfikún iṣẹ́ di àárọ̀. Ká ní ìwé ètò ìsìnkú olójú-ewé 16 ló wà lọ́wọ́ yín, tí Ọjọ́bọ̀ sì ni oníbàárà ń bọ̀ wá gbà á, tí wọ́n wá fi kàlẹ́ńdà kún un:

“Ẹ káàárọ̀ ma. Mo ti rí iṣẹ́ kàlẹ́ńdà. Ìwé ìsìnkú tó yẹ kó jáde ní Ọjọ́bọ̀ ni mo ń tò lọ́wọ́. Tí mo bá kọ́kọ́ ṣe kàlẹ́ńdà, ìwé yẹn á di Ọjọ́ Ẹtì. Èwo ni kí n fi síwájú, ma?”

Ẹ ò sọ pé ẹ ò ṣe. Ẹ fi iṣẹ́ àti ọjọ́ hàn wọ́n, àṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣe méjèèjì, ìgbà yẹn ni ẹ tó kọ̀, kẹ́ ẹ sì fi ìwọ̀n tí agbára yín ká lé e: “Mo gbọ́ ma. Ẹ má bínú, mi ò ní lè dúró kọjá aago 6. Màá parí ìwé ìsìnkú, màá sì to ojú-ewé àkọ́kọ́ kàlẹ́ńdà kẹ́ ẹ lè fi han oníbàárà.”

“Ẹ má bínú” ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, á dà bíi pé ẹ jẹ̀bi. Ẹ má ka wàhálà ilé sílẹ̀, torí ọ̀gá á bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín wá ọgbọ́n sí i, ọ̀rọ̀ á sì kúrò lórí iṣẹ́. “Màá gbìyànjú” ló burú jù: ẹ̀yin fi kọ̀ ọ́, àwọn gbọ́ bẹ́ẹ̀ni.

Tó bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ ò tó. Ẹ wo iye wákàtí tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín sọ, kẹ́ ẹ lọ bá wọn lójúkojú nígbà tí oníbàárà ò sí nílẹ̀, kẹ́ ẹ kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n láago mélòó ni kí ìpè iṣẹ́ máa dúró.