Àyè tóóró tó máa ń ṣẹ́kù lára páì ṣáàtì

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, mo sọ pásẹ́ńtì sọ́fè mi di dígírì, àmọ́ tí mo bá yà á tán àyè tóóró kan máa ń ṣẹ́kù, kí ló fà á?"

Òkun o, àbúrò. Àyè yẹn ti jẹ mí níyà rí. Sọ́fè omi la ṣe ní Ìsánlú, ilé 240 la wọ̀, a bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti ń rí omi jù: bohóòlù 97, kànga 68, odò 51, omi tí wọ́n ń rà 24. Mo ṣe pásẹ́ńtì ẹ̀, mo gé póìntì kúrò, ó di 40, 28, 21, 10, mo wá fi 3.6 táìmù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo yà á sórí kádíbọ́ọ̀dù, ìlà ìkẹyìn ò pàdé ti àkọ́kọ́, mo bá kun àyè yẹn mọ́ ti omi rírà. Ọ̀gá tó gba iṣẹ́ náà kàn ro pásẹ́ńtì wọn pọ̀ ni, ó bá 99, ó dá a padà fún mi, ó sì dùn mí gan-an.

Wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ojúlówó pásẹ́ńtì wọn ni 40.42, 28.33, 21.25 àti 10. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sọ ìdí wọn nù, tó o bá kó ohun tí wọ́n sọ nù jọ, odindi pásẹ́ńtì kan ni, pásẹ́ńtì kan sì jẹ́ dígírì 3.6. Àyè tó o ń rí nìyẹn.

Má fi pásẹ́ńtì tó o ti gé wá dígírì mọ́, iye ilé gan-an ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. 360 pín sí 240 jẹ́ 1.5, ilé kan dígírì kan ààbọ̀: 145.5, 102, 76.5, 36, ro ó, 360 géérégé. Lórí Excel:

```
=B2/SUM(B$2:B$5)*360
```

Pásẹ́ńtì tó o máa kọ sára ẹ̀ ńkọ́? Fi póìntì kan sílẹ̀, má kàn gé e, sún 21.25 sókè di 21.3: 40.4, 28.3, 21.3, 10.0, ó pé 100. Tí wọ́n bá ní odindi nìkan ni àwọn fẹ́, fi ẹyọ kan tó kù kún èyí tí gígé gba nǹkan púpọ̀ jù lọ́wọ́ ẹ̀, bohóòlù nìyẹn, ó di 41. Kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé o ṣe bẹ́ẹ̀ o.

Tó o bá fẹ́ fi ọwọ́ yà á, má to igun lé igun, torí àṣìṣe díẹ̀díẹ̀ á máa gun orí ara wọn. Láti ìlà àkọ́kọ́ ni kó o ti máa wọn gbogbo ẹ̀: 145.5, 247.5, 324. Porotírátọ̀ wa ò kọjá 180, torí náà fún 247.5, wọn 112.5 láti òdìkejì.

Àti pé kó o tó ṣe gbogbo èyí, ro iye ilé pọ̀ wò. Tí ilé kan bá mú bohóòlù àti kànga pọ̀, àròpọ̀ á ju 240 lọ, páì ò gba irú ẹ̀, báà ṣáàtì ni kó o yà.