Orí ìsopọ̀ kì í ṣe gọ́ọ̀mù: tíṣíìsì onípépà mẹ́rin tó fẹ́ di ìwé kan

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Súwídìn ni mo ti ṣe píéèṣìdí mi, pépà mẹ́rin àti kápà ló wà nínú ẹ̀. Mo ti padà sí Iléṣà báyìí, mo fẹ́ sọ ọ́ di ìwé. Wọ́n ní kí n fi kápà yẹn ṣe ìfáárà, kí n wá kọ orí ìsopọ̀ kéékèèké sáàárín àwọn pépà. Ojú ìwé mélòó ló yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ta ni "wọ́n" yẹn? Torí ìbéèrè yìí ò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi látẹnu yín, ó dà bíi pé ẹnì kan náà ló ń kọ́ gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ tòkè òkun dé. Mi ò ní sọ iye ojú ìwé fún yín o, ẹ lè kọ ogójì ojú ìwé ìsopọ̀ kó má so nǹkan kan pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tètè gbé kápà kúrò ńlẹ̀. Fún àwọn tí ò mọ̀ ọ́n, àlàyé gígùn tí wọ́n máa ń fi síwájú àwọn pépà nínú tíṣíìsì lọ́dọ̀ àwọn ará Súwídìn ni, ẹ̀wù àwọ̀lékè ni ìtumọ̀ ẹ̀. Àwọn tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ yín wò lẹ kọ ọ́ fún, ìdí nìyẹn tó fi kún fún "pépà kejì fi hàn pé", tẹ́ ẹ ń gbèjà ara yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó fowó ẹ̀ ra ìwé ò bá yín ṣẹjọ́ o, ohun tẹ́ ẹ rí ló fẹ́ kà. Ẹ tọ́jú kápà, ẹ máa já nǹkan nínú ẹ̀ bíi ewé ẹ̀fọ́, àmọ́ ẹ má gbé e síwájú ìwé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìsopọ̀. Iṣẹ́ kan dé ọ̀dọ̀ mi ní Ifẹ̀ níbí, ẹni tó ni ín ní kò burú tí mo bá sọ ọ́. Àwọn Òṣómàáló ló kọ tíṣíìsì lé lórí, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí tó máa fi sanwó. Pépà mẹ́rin ni: ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀, bí wọ́n ṣe ń gba gbèsè, ilé tí wọ́n padà wá kọ́ sí Iléṣà, àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́yìn odi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí 8,000 ọ̀rọ̀. Ṣáájú kó tó dé ọ̀dọ̀ mi ó ti kọ́kọ́ gbé e fún àwọn kan tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, àwọn yẹn gba owó, wọ́n kọ "Orí Kìíní" sórí pépà kìíní, "Orí Kejì" sórí èkejì, wọ́n fi ìpínrọ̀ méjì méjì sáàárín wọn, wọ́n ya èèpo ẹ̀yìn aláwọ̀ mèremère, ọ̀sẹ̀ méjì ni gbogbo ẹ̀ gbà. Ẹ ò rí i pé ó yá!

A tẹ gbogbo ẹ̀ síwèé, a mú báírò pupa, a fàlà sábẹ́ ohunkóhun tó jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Pépà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bẹ̀rẹ̀ látorí Ogun Kírìjì, 1877 sí 1893. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣàlàyé ibi tí orúkọ Òṣómàáló ti wá. Kò burú nínú jọ́nà, torí àlejò ni pépà kọ̀ọ̀kan, á kan ilẹ̀kùn, á kí onílé, á sọ ọmọ ẹni tóun jẹ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti wá ń gbé nínú ilé kan náà, ẹ̀ẹ̀mélòó la tún fẹ́ kíra káàárọ̀ ọjọ́ kan? Nígbà tá a yọ àtúnsọ kúrò, 32,000 ọ̀rọ̀ ku 22,000. Ìwé tá à ń wá máa ń súnmọ́ 80,000, ẹ fojú inú wò ó.

Àtúnsọ gan-an ò le o, báírò á rí i. Ibi tí pépà méjì ti ń ta ko ara wọn ló le. Nínú pépà àkọ́kọ́, aláṣọ nìkan ni Òṣómàáló. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀, nínú pépà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, gbogbo Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣòwò lẹ́yìn odi ti di Òṣómàáló. Ọkàn ẹni tó kọ ọ́ ti yí padà láàárín kan, kò sì mọ̀. Nínú jọ́nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò sẹ́ni tó máa fura, nínú ìwé kan ẹni tó ń kà á máa bèèrè pé èwo la wá fẹ́ mú. Ó ní láti yan ọ̀kan, ó mú ti aláṣọ, ló bá ní láti tún ìdajì pépà kẹrin kọ.

Ti mẹ́tọ́dì náà tún wà ńbẹ̀. Pépà kan ní èèyàn 24 lòun fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, èkejì ní 31. Àwọn oníkọ̀ǹpútà yẹn ro wọ́n pọ̀, wọ́n kọ 55 síwájú ìwé. Irọ́ pátápátá, láìmọ̀. Èèyàn 17 ló wà nínú méjèèjì, torí náà 38 ni wọ́n. Ẹ padà sí orúkọ inú ìwé jọ́tà yín, ẹ kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má ro nọ́ńbà tó wà nínú pépà pọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn la tó dé ìsopọ̀. Ìbéèrè kan la bi pépà méjì tó tẹ̀ léra: kí ni èyí kejì ń gbọ́kàn lé tí èyí kìíní ò tíì sọ? Láàárín ọ̀nà àti gbèsè, kò sí nǹkan kan, a kàn sún ìpínrọ̀ mẹ́ta sókè, orí ìsopọ̀ ò sí ńbẹ̀ rárá. Láàárín gbèsè àti ilé, kòtò ńlá. Pépà kan parí síbi tí onígbèsè ti sanwó ní ìlú onílùú, èkejì bẹ̀rẹ̀ síbi tí bíríkìlà ti ń mọlé ní Iléṣà. Báwo lowó ṣe délé? Ta ló ń gbé e, ta ló ń tọ́jú ẹ̀? Mo bi í, ló bá gbé páálí kan jáde, ìwé jọ́tà tó kún fún ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó àtàwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń gbówó wálé, tí kò rílò torí àyè jọ́nà ò gbà á. Ìyẹn ló di orí ìwé gidi, ó gùn ju pépà èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Ìsopọ̀ nìyẹn: ohun tí jọ́nà ní kẹ́ ẹ gé kúrò tí ìtàn ò lè rìn láìsí ẹ̀.

Ìfáárà la kọ gbẹ̀yìn. Ogun Kírìjì ti kúrò ńbẹ̀, ó ti di orí kìíní fúnra ẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù síbẹ̀: báwo nìlú tí Ìbàdàn kó ní 1870 ṣe fowó àwìn tún ara ẹ̀ kọ́? Orí tí ò bá dá ìbéèrè yẹn lóhùn, ẹ yọ ọ́, bó ti wù kó dùn tó. Gbogbo ẹ̀ gbà á ní oṣù mọ́kànlá.

Tẹ́ ẹ bá rò pé ẹ ti parí, ẹ tẹ `Ctrl+F`, ẹ wá `this paper` àti `this article`. Ẹ tún ka ojú ìwé tó kẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan, tó bá ṣì ń ṣàkópọ̀, tó ń sọ ìwádìí tó kù láti ṣe, pépà ṣì ni, kò tíì di orí ìwé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́, èmi kì í ṣe lọ́yà o, ẹ má fi mí jẹ́rìí ní kọ́ọ̀tù. Ẹ wo àdéhùn tẹ́ ẹ fọwọ́ sí pẹ̀lú jọ́nà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ní àmì `CC BY`, ẹ lè lò ó, ẹ ṣáà dárúkọ ibi tó ti kọ́kọ́ jáde, àwọn tó kù, ẹ kọ̀wé sí wọn kẹ́ ẹ tó fún atẹ̀wé, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí atẹ̀wé mọ iye tó ti jáde tẹ́lẹ̀. Tí sùpáfáísọ̀ yín bá wà lára àwọn tó kọ pépà kankan, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹ̀, lẹ́tà tó fọwọ́ sí, kì í ṣe fóònù tó ti ní "kò sí wàhálà".