Obìnrin nídìí ìbọn

Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo gan-an làwọn ológun gbà kóbìnrin jà?

Díẹ̀díẹ̀ ni o. Ẹ wo Bírítéènì ní 1941, nígbà tí báàlù Jámánì ń ju bọ́ǹbù sí wọn, wọ́n kó àwọn obìnrin ATS, ìyẹn ẹ̀ka obìnrin nínú iṣẹ́ ológun wọn, wọ ikọ̀ tó ń yìnbọn sí báàlù, àwọn obìnrin yìí ló ń fi ẹ̀rọ wo bí báàlù ṣe ga tó, àwọn náà ló ń lo ẹ̀rọ tó ń ṣírò ibi tí báàlù máa wà nígbà tí ọta bá débẹ̀, àmọ́ òfin ò jẹ́ kí wọ́n yin ìbọn yẹn fúnra wọn, ọkùnrin ló gbọ́dọ̀ yìn ín. Bọ́ǹbù sì ń pa wọ́n bó ṣe ń pa ọkùnrin, ìyẹn ló máa ń dùn mí jù. 2018 ni Bírítéènì tó ṣí gbogbo ipò ogun fóbìnrin.

Ní Nàìjíríà, 2011 ni NDA, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Kàdúná, kọ́kọ́ gba obìnrin tó máa di ọ̀gá lójú ogun. Ọdún kejì ni Tolúlọpẹ́ Arótilé wọlé, ọmọ Ìfẹ̀ ní Ìjùmú wa níbí, ní ìpínlẹ̀ Kogí, òun lobìnrin àkọ́kọ́ tó wa hẹlikọ́pítà ogun ní Nàìjíríà, ó sì wà á lọ kojú àwọn agbébọn. Mọ́tò ló kọ lù ú tó sì pa á ní àgọ́ ológun ní Kàdúná, oṣù keje 2020, ọmọ ọdún 24 péré.