Bí ìpara ṣe ń di oògùn lójú ìwé ọjà

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ìpara òrí àti òróró dóńgóyárò ni mo ń pò, mo sì ń tà á lórí ìkànnì ọjà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò, wọ́n ní mò ń sọ ọ̀rọ̀ ìwòsàn. Mo yí "ó ń wo ẹkisíímà" padà sí "ó ń ran ẹni tó ní ẹkisíímà lọ́wọ́", wọ́n tún yọ ọ́. Irọ́ kọ́ ni mò ń pa o, àwọn oníbàárà mi ń jẹ́rìí sí i. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?

Ìdáhùn: Orúkọ àìsàn tó wà nínú gbólóhùn yẹn ló ń fa wàhálà, ẹ ò sì tíì fọwọ́ kàn án.

Nínú òfin oúnjẹ, oògùn àti ohun ìṣaralóge tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1938, ohun tí ẹni tó ń ta ọjà bá sọ pé ọjà náà wà fún ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìpara ni tàbí oògùn. Bó bá wà fún fífọ ara mọ́, ṣíṣe ara lóge tàbí mímú kí ìrísí yàtọ̀, ohun ìṣaralóge ni. Bó bá wà fún wíwo àìsàn, dídín in kù, dídènà rẹ̀, tàbí yíyí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ padà, oògùn ni. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀, àmọ́ irú ààlà yìí ni ọ̀pọ̀ ìkànnì ọjà ń tẹ̀ lé. Ẹ kíyè sí i pé dídín kù àti dídènà wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí "ó ń ran ẹni tó ní ẹkisíímà lọ́wọ́" kò fi yàtọ̀ sí "ó ń wo ẹkisíímà". Ìpara kan náà nínú ike kan náà lè jẹ́ ìpara láàárọ̀ kó sì di oògùn lọ́sàn-án nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo. Oògùn sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí àti àṣẹ kó tó dé ọjà.

Mo gbà pé àwọn oníbàárà yín ò purọ́. Àmọ́ ẹni tó lo ìpara tí ara rẹ̀ sì balẹ̀ lè jẹ́ pé ó pààrọ̀ ọṣẹ lọ́sẹ̀ yẹn, tàbí pé ẹkisíímà náà fẹ́ rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, á dé, á lọ, á tún padà. Láti fi hàn pé ìpara ló ṣe é, ẹ ní láti pín àwọn ènìyàn sí ọ̀nà méjì, kí apá kan lo tiyín, kí apá kejì lo ìpara tí kò ní dóńgóyárò, kí wọ́n má mọ èwo ni wọ́n ń lò. Bí wọ́n bá sì ti dán dóńgóyárò wò nínú àwo ní ilé àyẹ̀wò, àyẹ̀wò ìyẹn kì í ṣe ti ìpara yín. Bí gíráàmù 3 òróró rẹ̀ bá wà nínú gbogbo 100 gíráàmù ìpara, ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n dán wò lè jẹ́ omi ewé tí wọ́n sè tó ki, tó sì fi ọ̀pọ̀ ìgbà lágbára ju èyí lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú irú ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń wà lójú ìwé ọjà báyìí, ká tú u palẹ̀:

"Ìpara Awòlàpálàpá. Ó ń ran ẹni tó ní ẹkisíímà lọ́wọ́. Ó ń pa kòkòrò, ó ń jẹ́ kí egbò tètè jinná. Kò ní kẹ́míkà kankan. Dọ́kítà awọ ti dán an wò."

Orúkọ ọjà náà fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìlérí ìwòsàn, nítorí náà bí ẹ tiẹ̀ pa gbogbo ìyókù rẹ́, oògùn ló ṣì jẹ́. Pípa kòkòrò àti jíjẹ́ kí egbò jinná, iṣẹ́ oògùn ni méjèèjì, kódà láìdárúkọ àìsàn. "Kò ní kẹ́míkà" kò lè jẹ́ òótọ́ láéláé, kẹ́míkà ni omi, kẹ́míkà ni ọ̀rá inú òrí. Gbólóhùn dọ́kítà dára bí ìwé àyẹ̀wò bá wà lọ́wọ́ yín, tó ní déètì, iye ènìyàn tí wọ́n lò, àti orúkọ ìpara yìí gan-an. Bí kò bá sí, ẹ yọ ọ́.

Ohun tí ẹ lè kọ rèé, tí ẹ ó sì lè dúró tì:

"Ìpara òrí àti òróró dóńgóyárò fún ara gbígbẹ. Ó le nínú ike, bó bá ti kan ọwọ́, á yọ́. Ó ń bo awọ kí omi ara má tètè gbẹ, ìgúnpá àti gìgísẹ̀ tó ń funfun á sì máa dán. Dóńgóyárò ní òórùn tó le díẹ̀. Ẹ fi pa ara lẹ́yìn ìwẹ̀, nígbà tí awọ ṣì tutù. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú apá, kí ẹ dúró fún wákàtí 24. Ẹ má fi sójú egbò."

Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni oníbàárà lè fojú rí, kó fọwọ́ kàn tàbí kó gbọ́ òórùn rẹ̀. Òrí jẹ́ ọ̀rá, bíbo awọ sì ni iṣẹ́ tí ọ̀rá ń ṣe. Òórùn tí a kọ síbẹ̀ tún máa ń gba ẹni tó bá kórìíra rẹ̀ lọ́wọ́ owó òfò.

Ibi tó ń mú ọ̀pọ̀ olùtajà ni àwọn ibi tí wọn kì í kà sí ọ̀rọ̀. Ẹ wo àwọn táàgì, torí "ẹkisíímà" lè ṣì wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń wá a. Ẹ mú kí fọ́tò ike yín tóbi, kí ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀, kò sóhun tó sọ pé inú àpèjúwe nìkan ni wọ́n ń wò. Fọ́tò awọ ẹni kan kó tó lò ó àti lẹ́yìn tó lò ó, ìlérí ìwòsàn ni bí àìsàn bá hàn nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ oníbàárà tí ẹ dà kọ sínú àpèjúwe ti di ọ̀rọ̀ tiyín. Àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ti ka irú ẹ̀ sí ẹ̀rí nínú lẹ́tà ìkìlọ̀ tí wọ́n kọ sí olùtajà. Èyí tí oníbàárà kọ fúnra rẹ̀ sábẹ́ ọjà yàtọ̀, ẹ má ṣe fèsì pé "bẹ́ẹ̀ ni, ó ń wò ó".

Àwọn kan máa ń fi "ọjà yìí kò wà fún wíwo àìsàn kankan" sí ìsàlẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ti 1994 lórí àfikún oúnjẹ ni gbólóhùn yẹn ti wá, ohun tí a ń gbé mì ló sì wà fún. Lára ìpara, kò gbà yín lọ́wọ́ ohunkóhun, ó kàn ń ta ko ohun tí ẹ kọ lókè ni.

Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe tán kí ẹ tó gbé ọjà padà síta, torí bí ọ̀rọ̀ kan náà bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà kẹta, wọ́n lè ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Bí oníbàárà bá sì kọ̀wé sí yín ní ìkọ̀kọ̀ pé ṣé ó ń wo ẹkisíímà, ẹ fèsì báyìí: "Ìpara ara gbígbẹ ni, mi ò tà á fún àìsàn kankan. Àwọn èròjà inú rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ yìí, ẹ fi han dọ́kítà yín kí ẹ tó lò ó."