Píríódógíráàmù: ìdí tí gígùn òǹkà kò fi mú un jọ̀lọ̀

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìtumọ̀ píríódógíráàmù gan-an? Mo ya ti ariwo tí mo gbà sílẹ̀, ó rí gbágungbàgun. Mo gba èyí tí ó gùn sí i, ṣe ni ó tún burú sí i. Kí ló dé tí wọ́n fi ní kí n gé e sí wẹ́wẹ́, kí n sì wá ìpíndọ́gba?

Ìdáhùn: Arthur Schuster ni ó fún un ní orúkọ yìí ní ọdún 1898, nígbà tí ó ń wá bí a ṣe lè mọ̀ bóyá ìyípo kan fara pamọ́ sínú òǹkà tí kò jọ pé ó létò. Apá kìíní orúkọ náà ń tọ́ka sí àsìkò tí nǹkan fi ń yí po padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, apá kejì sì ń tọ́ka sí ohun tí a yà sílẹ̀. Bí a bá ní òǹkà tí iye rẹ̀ jẹ́ N, tí a ń gba fs nínú wọn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, a ó fi ọ̀nà Fúríè wá X(f) fún fíríkúẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan, a ó sì ṣírò 2|X(f)|²/(fs·N); 2 náà wà níbẹ̀ nítorí pé a kó agbára àwọn fíríkúẹ́ńsì òdì pọ̀ mọ́ ti àwọn tí a ń yà. Ohun tí a ń lé ni bí agbára ariwo náà ṣe pín káàkiri, ìyẹn ni pé mélòó nínú rẹ̀ ni ó bọ́ sínú hẹ́tísì kọ̀ọ̀kan. Àfojúdá ohun náà ni píríódógíráàmù jẹ́, kì í ṣe ohun náà fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí a dojú kọ fíríkúẹ́ńsì kan ṣoṣo. Òǹkà kọ̀ọ̀kan dà bí ìṣísẹ̀ kan: fíríkúẹ́ńsì náà ni ó ń sọ ìhà tí ẹsẹ̀ yóò kọjú sí, ariwo ni ó sì ń pinnu bóyá ìṣísẹ̀ náà yóò gùn tàbí yóò kúrú, àti bóyá iwájú ni a ó gbé e sí tàbí ẹ̀yìn. X(f) ni ibi tí alárìnkiri yìí bá ara rẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti gbé gbogbo ìṣísẹ̀ N náà tán. Òǹkà méjì péré ni ó tó láti sọ ibẹ̀: bí ó ṣe jìn tó sí ìlà oòrùn, àti bí ó ṣe jìn tó sí àríwá. Bí a bá sọ jíjìn rẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ohun tí a rí máa ń dàgbà pẹ̀lú N ní ìpíndọ́gba, ìdí sì nìyẹn tí pípín in pẹ̀lú N fi ń gbé wa sórí iye tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba ìrìn púpọ̀ nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni alárìnkiri tiwa rìn. Ẹ fún un ní ìṣísẹ̀ 1,000, ẹ fún un ní 60,000, kò sí ohun tí ó yí padà nínú àìdánilójú ibi tí yóò balẹ̀ sí bí a bá fi wé ibi tí a retí. Ìyẹn ni pé àṣìṣe píríódógíráàmù ní fíríkúẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan tóbi tó iye tí a ń wá gan-an.

Níbo wá ni àwọn òǹkà tí ẹ fi kún un lọ? Fíríkúẹ́ńsì tuntun ni wọ́n di. Ìṣẹ́jú àáyá kan ń fún wa ní fíríkúẹ́ńsì tí ó fi hẹ́tísì kan jìnnà sí ara wọn. 60 ìṣẹ́jú àáyá ń fún wa ní èyí tí àlàfo wọn jẹ́ ìdá kan nínú 60 hẹ́tísì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní alárìnkiri tirẹ̀ tí kò bá ti ẹnì kejì lọ. Àwòrán yín kò burú sí i ní tòótọ́. Ẹ̀gún rẹ̀ ni ó pọ̀ sí i, tí wọ́n sì há mọ́ra.

Ẹ wo ariwo tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1, tí ó pín dọ́gba sórí gbogbo fíríkúẹ́ńsì, tí a gbà fún 60 ìṣẹ́jú àáyá pẹ̀lú òǹkà 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Agbára náà tàn ká 500 hẹ́tísì, nítorí náà 0.002 ni ó yẹ kí a rí níbi gbogbo. Nínú nǹkan bí 30,000 fíríkúẹ́ńsì tí píríódógíráàmù yóò yà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyọ kan nínú mẹ́wàá tí yóò wà nísàlẹ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá iye yìí, ẹyọ kan nínú ogún yóò sì ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ. Èyí tí ó ga jù lọ nínú gbogbo wọn yóò tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Mo ti fi ọjọ́ méjì gbáko wá ẹ̀rọ tí ó ń mú irú ṣóńṣó bẹ́ẹ̀ wá rí; nígbà tí mo tún ariwo náà gbà, ṣóńṣó náà kò sí níbẹ̀ mọ́, òmíràn ti yọ níbòmíràn.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí alárìnkiri rìn léraléra. Maurice Bartlett ni ó dá a lábàá ní ọdún 1948 pé kí a gé òǹkà sí abala, kí a ṣe píríódógíráàmù abala kọ̀ọ̀kan, kí a sì wá ìpíndọ́gba wọn. Bí a bá gé 60,000 wa sí abala 60, àṣìṣe yóò wálẹ̀ sí 1/√60, ìyẹn nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí a fi san án ni pé àlàfo fíríkúẹ́ńsì ti padà di hẹ́tísì kan. Ní ọdún 1967, Peter Welch fi nǹkan méjì kún un. Ó fi fèrèsé, ìyẹn àwọn òǹkà tí a ń sọ abala di púpọ̀ pẹ̀lú wọn, bo abala kọ̀ọ̀kan kí etí rẹ̀ lè rọra rọlẹ̀ dé òdo, nítorí pé etí tí a gé ṣánṣán máa ń jẹ́ kí agbára fíríkúẹ́ńsì kan jò sórí òmíràn. Ṣùgbọ́n fèrèsé ń sọ òǹkà etí abala di aláìwúlò, nítorí náà ó jẹ́ kí àwọn abala fi ìdajì gun ara wọn, kí ohun tí ó wà létí ọ̀kan lè bọ́ sáàárín èyí tí ó tẹ̀ lé e. Báyìí ni 60 ṣe di 119. Wọn kò dá dúró pátápátá lọ́wọ́ ara wọn, àmọ́ pẹ̀lú fèrèsé Hann, àṣìṣe wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ lè fojú ara yín rí i:

```python
import numpy as np
from scipy.signal import periodogram, welch
x = np.random.default_rng(1).standard_normal(60000)
f1, P1 = periodogram(x, fs=1000)
f2, P2 = welch(x, fs=1000, nperseg=1000)
for P in (P1[2:-2], P2[2:-2]):
    print(P.mean(), P.std() / P.mean())
```

Iye àkọ́kọ́ lórí ìlà méjèèjì yóò sún mọ́ 0.002, èkejì yóò sún mọ́ 1 lórí ìlà kìíní, yóò sì sún mọ́ 0.09 lórí ìlà kejì.

Agbára ni kí ẹ wá ìpíndọ́gba rẹ̀, kì í ṣe dẹ́síbẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ sọ ọ́ di dẹ́síbẹ́ẹ̀lì kí ó tó wá ìpíndọ́gba yóò rí àwòrán tí ó jọ̀lọ̀, ṣùgbọ́n tí ó fi nǹkan bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 2.5 lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé àwọn tí ó rì jìnnà ń fa ìpíndọ́gba náà wálẹ̀.

Gígùn abala ni ìdájọ́ tí kò sí ẹni tí ó lè bá yín ṣe. Bí ìró méjì bá wà ní hẹ́tísì 50 àti 50.5, abala ìṣẹ́jú àáyá kan yóò pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan, bí ó ti wù kí abala náà pọ̀ tó. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo ń ya àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú `nperseg=1000` àti `nperseg=4000`. Abala 29 ni èkejì ní, nítorí náà ó gbágun ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ ìpele ariwo kò kúrò níbi tí ó wà. Bí ìró tòótọ́ tí kò yí padà bá wà níbẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ yóò ga sí i ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin, yóò sì tínrín sí i. Èyí tí ó bá jẹ́ èèṣì kò ní ga bẹ́ẹ̀, kò sì ní dúró sójú kan bí ẹ bá tún ya ìdajì àkọ́kọ́ àti ìdajì kejì òǹkà náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.