Ìgbà tí kò yẹ kí a yọ 543 kúrò lára ọdún Búdà

“Ìwé ìbí bàbá ìyàwó mi, tí wọ́n kọ ní Táílándì, sọ pé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún Oṣù Kejì ọdún 2480 ni wọ́n bí wọn. Mo yọ 543 kúrò, mo rí 1937, ṣùgbọ́n 1938 ló wà nínú ìwé ìrìnnà wọn. Èwo nínú ìwé méjèèjì ló ní àṣìṣe?”

Ìwé méjèèjì tọ̀nà. 542 ló yẹ kí ẹ yọ kúrò lára ọdún yẹn, kì í ṣe 543.

Lónìí, ọjọ́ kìíní Oṣù Kínní ni ọdún Búdà ń bẹ̀rẹ̀ ní Táílándì, gẹ́gẹ́ bí kàlẹ́ńdà tí gbogbo ayé ń lò, nítorí náà ni 543 ṣe bá gbogbo ọjọ́ inú ọdún mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Ọba Rámà Kẹfà sọ ọdún Búdà di èyí tí wọn yóò máa kọ sí ìwé ìjọba, ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹrin ni ọdún tuntun ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ló sì rí títí di ọdún 1940. Èyí já sí pé 2480 bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹrin 1937, ó sì parí ní òpin Oṣù Kẹta 1938. Oṣù Kínní, Ìkejì àti Ìkẹta ló gbẹ̀yìn nínú ọdún náà, kì í ṣe àwọn ló ṣáájú. Ẹni tí wọ́n bí ní Oṣù Kẹfà 2480, ọdún 1937 ni tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí ní Oṣù Kejì 2480, bíi bàbá yín, ọdún 1938 ni.

Ìtìjú ló kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí. Mo túmọ̀ ìwé ìbí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan nígbà kan, ọmọ ìyá kan náà. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n bí ní ogúnjọ́ Oṣù Kẹrin 2478, àbúrò ní ọjọ́ kẹta Oṣù Kẹta 2478. Mo yọ 543 kúrò lára méjèèjì, mo kọ 1935 sí méjèèjì, mo tẹ òǹtẹ̀ lù ú, mo sì gba owó mi. Ọ́fíìsì tí wọ́n kó ìwé náà lọ dá a padà pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: báwo ni àbúrò ṣe fi ọ̀sẹ̀ méje ṣáájú ẹ̀gbọ́n wá sáyé, láti inú ìyá kan náà? Àbúrò ni tirẹ̀ jẹ́ 1936, ó sì fi oṣù mẹ́wàá àti ààbọ̀ kéré sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo dá owó wọn padà.

Láti ọjọ́ náà, orúkọ ọjọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń wá lórí ìwé àtijọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ déètì. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún Oṣù Kejì 1937 jẹ́ ọjọ́ Ajé, ti 1938 sì jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bí ẹ bá rí วันอังคาร lórí ìwé bàbá yín, Ìṣẹ́gun nìyẹn, ọ̀rọ̀ sì parí. Bí ẹ bá rí วันจันทร์, tí í ṣe ọjọ́ Ajé, ẹ tún nọ́ḿbà ọjọ́ wò dáadáa, nítorí pé ๔ (mẹ́rin) àti ๕ (márùn-ún) jọra púpọ̀ nígbà tí yíǹkì bá ti ṣá. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń wá nọ́ḿbà kan náà níbòmíràn lórí ojú ìwé yẹn, níbi tí ó ti mọ́lẹ̀, kí n lè fi wé e.

Ọdún 2483 ní tirẹ̀ yàtọ̀. Kí ọdún lè máa bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kínní, wọ́n gé e kúrú: ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹrin 1940, ó parí ní òpin Oṣù Kejìlá, 2484 sì wọlé ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kínní 1941. Oṣù mẹ́sàn-án péré ni ó ní. Bí ẹnìkan bá mú ìwé wá fún yín tí ó sọ pé wọ́n bí òun ní Oṣù Kejì 2483, ọjọ́ náà kò sí rárá. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó kọ ọ́ ti fi 543 ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn láti ọdún 1940 lẹ́yìn tí ìlànà ti yí padà, nítorí náà ẹ béèrè ìwé tí ó dàgbà ju ìyẹn lọ.

Àwọn ìwé kan wà tí wọ́n kọ ọdún nìkan sí láìsí oṣù. Lórí irú ìyẹn, n kì í yan ọdún kan ṣoṣo mọ́. Mo máa ń fi 2480 sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kí n tó kọ 1937/1938 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fún bàbá yín, ẹ kọ “15 Oṣù Kejì 2480 (1938)” sínú ìtumọ̀, kí ẹ sì fi ìlà kan sísàlẹ̀ pé ọdún náà bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹrin, kí ẹni tí yóò bá yẹ̀ ẹ́ wò má baà tún fi 543 ṣe é.